Fọ́tò Wo La Ó Lò fún Màmá? Bí A Ṣe Ń Yan Àwòrán fún Pósítà àti Ìwé Ètò Ìsìnkú

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Bí ẹbí bá wọlé tí ojú wọn ṣì pọ́n, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ pósítà àti ìwé ètò ìsìnkú, kì í ṣe orúkọ, ọjọ́ tàbí orin ló máa ń dá wa dúró. Fọ́tò ni. Ọ̀kan nínú wọn á na fóònù sí mi, á ní, "Èyí ni ká lò, ó rẹwà." Òótọ́ ni, ó rẹwà. Àmọ́ ojú fóònù kò ju íǹṣì 3 lọ ní ìbú, ibi tí fọ́tò náà sì máa wà lára pósítà lè tó íǹṣì 12. Ohun tó ń dán gbinrin lójú fóònù lè di bàìbàì tí a bá fẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá máa di ohun kan ṣoṣo mú nínú gbogbo àlàyé yìí, ẹ di èyí mú: ẹ má wo bí fọ́tò lódindi ṣe tóbi tó. Ibi tí ẹ máa gé lára rẹ̀, láti orí dé àyà olóògbé, ni kí ẹ wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí fọ́tò máa jókòó sí

Ara ògiri àti ẹnu géètì ni pósítà ìsìnkú ń wà. Ẹni tó ń kọjá lọ, tó lè wà lórí ọ̀kadà, ló ń wò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó mọ olóògbé dá a mọ̀ lójú kan náà. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ni kò mọ orúkọ gígùn tí a kọ sábẹ́ fọ́tò. Ìyá Alákàrà ni wọ́n mọ̀, tàbí Ìyá Ìbejì, tàbí Bàbá Télọ̀. Tí fọ́tò kò bá jọ ẹni tí wọ́n kí lọ́dún tó kọjá, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ pósítà kọjá láìmọ̀ pé ẹni àwọn ló lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé fún pósítà, kí wọ́n wá fọ́tò tí a yà láàárín ọdún 5 sí 10 tó kẹ́yìn, kí ó jẹ́ èyí tí a yà kí àìsàn tó mú un rù.

Àwọn àgbà wa ti mọ ohun tí ìjọra ń ṣe níbi ìsìnkú tipẹ́. L'Ọ́wọ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ayẹyẹ ìsìnkú tí wọ́n ń pè ní àkó fún ẹni ńlá, wọ́n á gbẹ́ ère olóògbé kí ó jọ ọ́, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ láṣọ iyì. Ìjọra yẹn náà la ń wá lónìí. Fọ́tò ìgbà ọmọge, tí Màmá ń fẹ́sẹ̀ lélẹ̀ bí ẹyẹlé, kò burú rárá, ṣùgbọ́n inú ìwé ètò ni ààyè rẹ̀ wà, ní ojú ewé tí a ti ń ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé yín pé íǹṣì mélòó ni ààyè fọ́tò máa jẹ́. Ìwé ètò tó jẹ́ A4 jẹ́ mìlímítà 210 ní ìbú àti 297 ní gígùn. Tí a bá yọ ibi tí orúkọ, ọjọ́ àti ẹsẹ Bíbélì máa wà, ààyè fọ́tò níwájú ìwé máa ń tó íǹṣì 6 ní ìbú àti 8 ní gígùn. Pósítà A2 jẹ́ mìlímítà 420 sí 594, ààyè fọ́tò níbẹ̀ lè tó íǹṣì 12 sí 16. Àwọn méjèèjì yìí ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ nísàlẹ̀.

Ẹ tọ fọ́tò náà lọ sí orísun rẹ̀

Nínú fọ́tò 10 tí ẹbí bá gbé wá, àwọn tó gba orí Wáásáàpù kọjá ló máa ń pọ̀ jù. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù bí a ṣe máa ń fi í ránṣẹ́, áàpù náà á rún un kí ó lè tètè lọ, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù lára rẹ̀ kì í sì í sábà ju nǹkan bíi píkísẹ́lì 1600 lọ mọ́. Píkísẹ́lì ni àwọn ẹyọ àwọ̀ tíntìntín tí fọ́tò inú fóònù fi ara rẹ̀ kọ́, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sára adé ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bọ́ lọ́nà kì í padà wá, bó ti wù kí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà mọṣẹ́ tó.

Orúkọ fáìlì máa ń tú àṣírí. Tí ẹ bá rí i tó jẹ́ `IMG-20230812-WA0007.jpg`, àwọn lẹ́tà `WA` yẹn ń sọ pé ọ̀nà Wáásáàpù ló gbà dé. Èyí tó wà lórí fóònù tí a fi yà á máa ń jẹ́ nǹkan bíi `IMG_20230812_141502.jpg`. Fọ́tò tí a ya lára ojú fóònù, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Screenshot`, burú ju ti Wáásáàpù lọ, torí pé ohun tí ojú fóònù lè gbé nìkan ló kó, ó sì tún máa ń kó àmì bátìrì àti aago mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ wá ẹni tó ya fọ́tò náà. Tó bá jẹ́ ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Hiúsítìn ló yà á nígbà tó wálé, ẹ ní kó fi í ránṣẹ́ bíi `Document`. Èyí tí a ń pè ní `HD` nínú Wáásáàpù sàn díẹ̀, àmọ́ `Document` ló ń gbé fáìlì náà bó ṣe wà gan-an. Ímeèlì náà dára. Irú ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kọ fún ẹbí pé kí wọ́n fi sójú ìjíròrò wọn nìyí:

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ara fẹ́ra kù. À ń wá fọ́tò Màmá tí a máa lò. Ẹnikẹ́ni tó bá fi fóònù ara rẹ̀ ya Màmá láti ọdún 2016 títí di ìsinsìnyí, kó lọ síbi àmì ìsopọ̀, kó tẹ `Document`, kó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e, ẹ má kun ún, ẹ má kọ nǹkan sí i lára. Ẹ sọ ẹni tó yà á àti ibi tí wọ́n ti yà á."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn wúlò. Tí ẹ bá mọ̀ pé níbi ìgbéyàwó ni, ẹ lè rí ayàwòrán tí wọ́n gbà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ní fáìlì náà nínú kọ̀ǹpútà wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ìṣirò: fọ́tò mẹ́ta, ìyá kan

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan tí mo ṣe hàn yín. Màmá náà jẹ́ ẹni ọdún 82. Àwọn ọmọ fẹ́ ìwé ètò A4 àti pósítà A2, ní ìwọ̀n tí mo sọ lókè.

Òfin tí a fi ń ṣírò rẹ̀ rọrùn. Ìwé ètò, ọwọ́ la fi ń dì í mú, ojú sì sún mọ́ ọn. Tí a bá fẹ́ kó mọ́ rekete, kí píkísẹ́lì 300 wà nínú íǹṣì kan. 200 ṣì dára, ẹni tí kò mọṣẹ́ kò ní mọ ìyàtọ̀. Tó bá wá sábẹ́ 150, irun ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ mọ́ ara wọn. Pósítà ara ògiri, èèyàn ń dúró bíi mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i kó tó wò ó, nítorí náà 150 nínú íǹṣì kan tó, a sì lè gba 100. Bánà ńlá tí a ń so sókè lẹ́nu ọ̀nà, 50 pàápàá ń gbé e. Jíjìnnà ló fa ìyàtọ̀ yẹn; bébà kọ́ ló fà á. Torí ẹ̀, iwájú ìwé tó jẹ́ íǹṣì 6 sí 8 ń fẹ́ píkísẹ́lì 1800 sí 2400. Pósítà tó jẹ́ íǹṣì 12 sí 16, tí a bá fi 150 ṣírò rẹ̀, 1800 sí 2400 náà ló ń fẹ́. Ẹ rí i pé fọ́tò kan náà lè ṣe méjèèjì.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá jẹ́ ti òde ìgbéyàwó kan. Màmá wà láàárín àwọn mẹ́fà, ó ń rẹ́rìn-ín, gèlè rẹ̀ dúró bí adé. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ràn rẹ̀. Orí Wáásáàpù ló ti wá, ó jẹ́ píkísẹ́lì 1600 sí 1067. Ẹnì kan sọ pé, "Ẹ̀gbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀ta, kò ha tó?" Mo gé Màmá jáde níwájú wọn, láti orí gèlè dé àyà. Ohun tó kù jẹ́ píkísẹ́lì 240 sí 320. Ẹ fi íǹṣì 6 pín 240: 40 péré ló bọ́ sínú íǹṣì kan. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán kí wọ́n fojú rí i. Eyín tó funfun lójú fóònù di ìlà funfun kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ gèlè sì rí bí àtẹ̀gùn.

Ìkejì, ọmọ-ọmọ ló fi fóònù yà á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Màmá jókòó sórí àga, aṣọ àdìrẹ ló wọ̀. Fáìlì náà jẹ́ píkísẹ́lì 3000 sí 4000, bó ṣe wà lórí fóònù gan-an. Nígbà tí a gé e láti orí dé àyà, ó ku 1350 sí 1800. Fún iwájú ìwé, 1350 tí a fi 6 pín jẹ́ 225. Ó kọjá 200, ó dára. Fún pósítà, 1350 tí a fi 12 pín jẹ́ 112. Kò tó 150, àmọ́ ó kọjá 100, ó sì ṣe é lò fún ara ògiri.

Ìkẹta jẹ́ fọ́tò dúdú àti funfun tí wọ́n yà ní ilé ayàwòrán ní ọdún 1984. Bébà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 5 sí 7. A fi síkánà kó o ní `600 dpi`, ìyẹn píkísẹ́lì 600 nínú íǹṣì kan, ó fún wa ní 3000 sí 4200. Nínú gbogbo wọn, òun ló tóbi jù. Ṣùgbọ́n ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àwọn ará ọjà tí Màmá bá ná lóṣù tó kọjá kò lè dá a mọ̀. Ojú ewé ìtàn ìgbésí ayé ni a gbé e sí, ó sì kún ojú ewé náà dáadáa.

Ọmọbìnrin àgbà kò fẹ́ fi ẹ̀rín ibi ìgbéyàwó yẹn sílẹ̀, mi ò sì bá a wí. Ó pe ìyàwó ọjọ́ náà, ìyàwó pe ayàwòrán, ayàwòrán fi ojúlówó fáìlì ránṣẹ́: 6000 sí 4000. A gé Màmá jáde níbi kan náà, ó jẹ́ 900 sí 1200. Ẹ wo bí ó ti fẹ̀ tó sí 240 ti àkọ́kọ́! Síbẹ̀, tí a bá gbé e sí íǹṣì 6, 150 ló máa jẹ́, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì jù ú lọ. A wá gbé e sínú ìwé ní íǹṣì 3, níbi tí ó ti jẹ́ 300 gééré, sí ẹ̀gbẹ́ orin ìdúpẹ́. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín náà ti hàn tó.

Láti rí iye píkísẹ́lì lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún màúsì tẹ fáìlì náà, ẹ tẹ `Properties`, lẹ́yìn náà `Details`. Lórí áífóònù, ẹ ṣí fọ́tò náà kí ẹ tẹ àmì `i`. Nínú Google Photos, ẹ fà á sókè. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan, ẹ gé ẹ̀dà náà, kí ẹ tó wò ó. Ojúlówó kò gbọdọ̀ fara gbá.

Ẹ sún mọ́ ẹyinjú

Iye tó pé kò túmọ̀ sí pé fọ́tò mọ́. Fóònù lè yà á ní 3000 sí 4000 kí gbogbo rẹ̀ sì rí bàìbàì. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fẹ̀ ẹ́ dé `100%`, kí ẹ lọ tààrà sí ojú olóògbé. Ẹyinjú la máa ń wò. Tí ẹ bá lè rí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń tàn nínú rẹ̀, tí irun ìpéǹpéjú sì ya ara wọn, fọ́tò yẹn lọ. Tí ẹyinjú bá rí bí ihò dúdú méjì, ẹ dúró ná.

Bàìbàì máa ń wá láti oríṣiríṣi ọ̀nà, ó sì dára kí ẹ dá wọn mọ̀. Tí ìlà ẹ̀gbẹ́ gbogbo nǹkan bá jẹ́ méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ọwọ́ ẹni tó yà á ló gbọ̀n. Tí gèlè tàbí ògiri ẹ̀yìn bá mọ́ ṣùgbọ́n tí ojú kò mọ́, ibòmíràn ni kámẹ́rà gbájú mọ́. Tí ẹ bá rí àmì onígun mẹ́rin kéékèèké lẹ́bàá ètè àti lọ́rùn, rírún ló fà á, ẹ padà lọ wá ojúlówó. Ti ìkẹta yìí nìkan ló ní àtúnṣe. Méjì àkọ́kọ́, ohun tí a bá ṣe lórí kọ̀ǹpútà láti mú un mọ́ kàn máa ń fa ìlà dúdú yí ojú ká ni, ó sì máa ń jẹ́ kí àgbàlagbà rí bí ẹni tí ara ń ni. Ẹ yan fọ́tò mìíràn, tàbí kí ẹ lò ó ní ìwọ̀n kékeré.

Ẹ tún wo òjìji. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń sọ abẹ́ fìlà àti abẹ́ gèlè di dúdú kirikiri, ojú á sì rì sínú rẹ̀. Fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀ láti inú ara rẹ̀, nítorí náà ó ń fi nǹkan hàn nínú òjìji yẹn. Bébà kì í tan ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ dúdú wa yóò tún ṣókùnkùn sí i lórí rẹ̀. Tí ẹ bá ní láti yan láàárín fọ́tò ìta lọ́sàn-án àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ mú ti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé fọ́tò àtijọ́ nìkan ló wà

Àwọn bàbá kan wà tí kò fẹ́ràn kí a yà wọ́n, ohun tó kù nílé kò ju fọ́tò kan tó wà lára ògiri. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú férémù kí ẹ tó kó o. Díńgí máa ń mú iná tàn sí i, ó sì máa ń gbé ojú ẹni tó ń yà á wọ inú rẹ̀. Àmọ́ tí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ díńgí, ẹ má fà á. Awọ ojú fọ́tò náà ni yóò kù sára díńgí, kò sì ní ṣe é tún ṣe mọ́. Ẹ gbé e tòun ti díńgí lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Síkánà ló dára jù. Fún fọ́tò íǹṣì 4 sí 6 tàbí 5 sí 7, `600 dpi` tó. Kí wọ́n nu díńgí síkánà kí wọ́n tó gbé e lé e. Kí wọ́n kó dúdú àti funfun bí aláwọ̀, nítorí àwọ̀ ìdọ̀tí àti ti ọjọ́ ogbó á ràn wá lọ́wọ́ láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí kò bá sí síkánà, ẹ tẹ́ fọ́tò náà sórí tábìlì lábẹ́ ìbòòji níta, kí oòrùn má ta sí i, ẹ pa iná kámẹ́rà, ẹ di fóònù mú kí ó dọ́gba pẹ̀lú tábìlì, kí fọ́tò náà sì kún ojú fóònù. Fọ́tò tí ara bébà rẹ̀ rí wínníwínní bí afárá oyin, ọ̀nà yìí máa ń ṣe é dára ju síkánà lọ, torí iná síkánà ń ta sára kókó wọ̀nyẹn, á sì di àmì funfun káàkiri ojú.

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ó jẹ́ mìlímítà 35 sí 45. Ẹnì kan á ní kí a kó o ní `1200 dpi`, á sì rí i pé ó fún wa ní píkísẹ́lì tó lé ní 1600. Iye náà pé, àmọ́ kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kò fi ju nǹkan bíi 300 sínú íǹṣì kan. Nǹkan bíi 400 ni òótọ́ tó wà nínú ìbú rẹ̀, ìyókù jẹ́ àwòrán ara bébà. Tí ẹ bá pín in sí íǹṣì 6, kò tó 70. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí a dín ààyè fọ́tò kù. Pósítà tí fọ́tò rẹ̀ kéré tí ó sì hàn kedere, tí orúkọ tóbi lábẹ́ rẹ̀, ń jíṣẹ́ ju èyí tí ojú ńlá wà lára rẹ̀ tí a kò mọ ẹni tó ni ín. Kí ẹ tó gbà pé òun nìkan ló wà, ẹ lọ béèrè ní ilé ayàwòrán àdúgbò bóyá nẹ́gátíìfù ṣì wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìjọ, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àdínní, lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú ẹlòmíràn tí olóògbé lọ́wọ́ sí lè wà nílé, kí fọ́tò rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe kó fọ́tò láti inú ìwé tí a ti tẹ̀ àyàfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, torí tóótòòtó yíǹkì máa ń hàn bí ẹni fi ìyanrìn sí i lójú. Ohun tí ìwé yẹn wúlò fún jù ni pé ẹ máa mọ ilé ìtẹ̀wé tó ní ojúlówó rẹ̀ lọ́wọ́.

Ojú baba kò gbọdọ̀ yí padà

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé fọ́tò bàbá kan wá sí ibi tí mo ti ń kọ́ ọ. A fẹ́ kó dára. A nu ojú rẹ̀ mọ́ lórí kọ̀ǹpútà, a pa gbogbo àbàwọ́n rẹ́, awọ ojú ń dán bí ti ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ. Wọ́n tẹ pósítà 100. Nígbà tí àbúrò bàbá náà wá gbà á, ó dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Gọ̀ǹbọ́ ẹ̀gbọ́n mi dà?" A ti nu ilà ojú bàbá nù mọ́ àbàwọ́n. Pósítà náà ò ṣe é lò, a tẹ òmíràn. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, ṣé olóògbé ní ilà, ṣé ó ní àmì ìbí tàbí àpá kan tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́?

Fóònù náà lè ṣe ohun tí a ṣe yẹn láìsọ fún yín. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ń kun ojú bí wọ́n ṣe ń ya ènìyàn, pàápàá pẹ̀lú kámẹ́rà iwájú. Tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ tí ẹ rí i pé aṣọ ní ìlà òwú ṣùgbọ́n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dán bí tánganran, fóònù ti kùn ún. Ẹ bi ẹni tó yà á bóyá òmíràn wà.

Kámẹ́rà iwájú tún máa ń yí fọ́tò padà bíi ti díńgí, kí ọ̀tún di òsì. Ẹ wo aṣọ bóyá lẹ́tà wà lára rẹ̀, tàbí ọwọ́ tí aago wà. Àwọn tó ń ṣètò pósítà pẹ̀lú máa ń yí fọ́tò kí olóògbé lè kọjú sí orúkọ. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe é. Ilà bààmú, ẹ̀gbẹ́ ojú kan ló ń wà, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n sì kọ ọ́ sí ni gbogbo ẹbí mọ̀. Fìlà tó tẹ̀ sí ọ̀tún náà á tẹ̀ sí òsì. Àwọn ọmọ lè má mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, wọ́n á kàn máa sọ pé, "Kò jọ Dádì."

Ti gèlè wá. Bí wọ́n bá ń gé ẹ̀yìn fọ́tò kúrò, etí gèlè tó tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ló máa ń kọ́kọ́ lọ, kí Màmá wá dà bí ẹni wé ìdajì. Ẹ fi ààyè tó tó ìka mẹ́ta sílẹ̀ lókè gèlè nígbà tí ẹ bá ń gé e. Tí fọ́tò bá máa dé etí bébà, atẹ̀wé tún nílò mìlímítà 3 lé ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ fún ọ̀bẹ tó máa gé e. Bí ẹ̀yìn fọ́tò kò bá dí ojú, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Màmá sàn lójú mi ju ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù pẹ̀lú ẹyẹlé lọ.

Ẹ má buwọ́ lù ú lójú fóònù

Tí atẹ̀wé bá fi púrúùfù, ẹ̀dà tí ẹ máa yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ náà, ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù, ọ̀rọ̀ àti ọjọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ wò. Fún fọ́tò, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan sórí irú bébà tí wọ́n máa lò, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ A2, kí wọ́n tẹ ibi ojú nìkan sórí A4 ní ìwọ̀n tí ó máa wà lára pósítà. Owó ẹ̀ kéré. Ẹ gbé e lọ síta lójúmọ́mọ, kì í ṣe lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lẹ ti pósítà mọ́ ògiri kí ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ márùn-ún. Tí ojú bá ṣókùnkùn, àsìkò yìí la lè tàn án sí i díẹ̀, kí a sì tún tẹ òmíràn wò.

Ẹ mú ẹnì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ olóògbé wá wò ó: àbúrò, ọ̀rẹ́, tàbí ìyàwó ilé tí wọ́n jọ gbé. Ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ẹ gbé bébà náà lé e lọ́wọ́. Tó bá pe olóògbé ní orúkọ tó máa ń pè é kó tó wo ohun tí a kọ, ẹ lè buwọ́ lù ú.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba fọ́tò férémù yín padà, ẹ sì gba ẹ̀dà fáìlì tí wọ́n fi síkánà kó sínú fíláàṣì. Ẹ kọ orúkọ Màmá àti ọdún tí a ya fọ́tò náà sí orúkọ fáìlì, kí àwọn tó máa ṣe ìrántí ọdún kìíní má tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi Wáásáàpù.